Lẹ́tà Ẹ̀gbọ́n sí Àbúrò Rẹ̀ Tó Ń Mu Igbó

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, arábìnrin kan nínú ìjọ wa mú lẹ́tà kan wá bá mi. Ó ní kí n bá òun kà á kí òun tó fi ránṣẹ́ sí àbúrò òun ọkùnrin, ọmọ ọdún 22 tó ń mu igbó. Ojú ewé mẹ́rin ni. Nígbà tí mo kà á tán, mo bi í pé, “Nínú gbogbo èyí, èwo lẹ fi ojú ara yín rí?” Ó dákẹ́. Wèrè tó ń bọ̀ wà nínú lẹ́tà náà, orúkọ ìdílé tó máa bàjẹ́ àti omijé ìyá wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tóun fúnra rẹ̀ rí kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹta ló sì fi wọ́n sí.

Mo rán an létí Míríámù. Nígbà tí wọ́n gbé Mósè sínú apẹ̀rẹ̀ sí etí odò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dúró lókèèrè, ó ń wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i. Ó kọ́kọ́ wò ná. Nígbà tí àkókò tó, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi ọmọbìnrin Fáráò. Arábìnrin wa lọ sílé, ó tún lẹ́tà náà kọ. Ó gbà kí n tẹ̀ ẹ́ síbí, torí òun nìkan kọ́ ló ní irú àbúrò bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ yìí.

“Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìjà kọ́ ni mo fi lẹ́tà yìí wá. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Bí mo bá ṣì í rí, kí o tún un ṣe fún mi.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé alẹ́ Sátidé nìkan ni, ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà ọ́ gbọ́. Nígbà tó yá, o ní alaalẹ́ ni, nítorí oorun. Lóṣù tó kọjá o lo ọjọ́ 10 lọ́dọ̀ mi. Nínú òwúrọ̀ 10 yẹn, ó tó 7 tí o ti lọ sẹ́yìn ilé kí o tó fọ ẹnu. Nígbà kan rí, ẹyọ kan ń tó ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ. Ní báyìí, ìwọ nìkan ń mu mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò kà wọ́n láti fi ṣọ́ ọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ọwọ́ mi kàn ń kà á fúnra rẹ̀ ni.

Ṣé o rántí ọjọ́ méjì tí kò sí lọ́wọ́ rẹ? O jágbe mọ́ ọmọ mi nítorí pé ó ṣílẹ̀kùn. O ò lè jẹun. Lóru, òógùn rẹ mú kí ìrọ̀rí rin gbingbin. Nígbà tílẹ̀ mọ́, o sọ fún mi pé, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti rí i báyìí pé mi ò lè sùn láìsí i?’ Mi ò rí èsì fọ̀. Ìgbà tí o lọ tán ni mo lọ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan. Ó ní igbó ló fa irú àìsùn yẹn, pé ó ti mọ́ ara lára ni ara ṣe ń béèrè rẹ̀. Àbúrò mi, ohun tí o fi ń wo àìsùn ló ń bí àìsùn fún ọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé o lè fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 28, kí o wá gbé lọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ká jọ wò ó bóyá oorun rẹ á padà? Bí o bá ní rárá, àbúrò mi náà ni ẹ́, ilẹ̀kùn mi ò tì. Ṣùgbọ́n mi ò ní fún ọ lówó mọ́ láìmọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Bí ìyá wa bá sì tún pè, mi ò ní parọ́ fún wọn mọ́ pé o sùn.”

Èmi náà béèrè ìdí tó fi jẹ́ ọjọ́ 28. Àlàyé tí mo gbọ́ rèé. Àwọn ibi kéékèèké kan wà nínú ọpọlọ tí èròjà igbó máa ń so mọ́. Bí ènìyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́, ọpọlọ a máa dín àwọn ibẹ̀ kù, ìwọ̀n tó ń tẹ́ ẹ lọ́rùn lánàá kò ní tó o lónìí. Ìdí nìyẹn tí Sátidé fi ń di alaalẹ́, tí alaalẹ́ fi ń di òwúrọ̀. Ẹni tó ń mu ún lè máà mọ̀ pé òun ń pọ̀ sí i, torí bó ṣe ń rí lára rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Bó bá dáwọ́ dúró, àwọn ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí yóò bá sì fi tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bíi ti ẹni tí kì í mu ún.

Àárín ìgbà yẹn ló le. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìkanra, òógùn òru àti àìlèjẹun á ti dé, wọ́n á sì le jù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Oorun ló máa ń pẹ́ jù kó tó padà. Àlá náà á pọ̀, á sì hàn ketekete, nítorí igbó máa ń dín oorun tí à ń lá àlá nínú rẹ̀ kù, bó bá sì lọ, àlá á rọ́ wọlé. Ọ̀pọ̀ ló ń padà sídìí rẹ̀ ní irú àwọn ọjọ́ yẹn, tí wọ́n á gbà pé bí ara àwọn ṣe rí gan-an nìyẹn láìsí igbó. Lójú tèmi, ọjọ́ tí ènìyàn jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ìjọ kọ́ ló nílò wa jù. Alẹ́ kẹta, alẹ́ kẹrin ni.

Ọ̀rọ̀ méjì kù tí n kò lè fi pamọ́. Bí ó bá ń fi ọtí líle tàbí oògùn oorun kún igbó náà lójoojúmọ́, kí ó rí dókítà kó tó jáwọ́ nínú ohunkóhun, nítorí pé dídá àwọn méjì yẹn dúró lójijì lè gbẹ̀mí ènìyàn. Èkejì ni pé, bí ẹ bá rí i tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó ń sọ pé àwọn ènìyàn ń lépa òun, ẹ má kọ lẹ́tà, ẹ má sì kọ́kọ́ gbé e wá fún mi fún ìdáǹdè. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi yóò wá bá yín níbẹ̀, a ó sì gbàdúrà.

Ọjọ́ 9 kọjá kí àbúrò náà tó fèsì. Ó kọ̀wé pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, 7 kọ́, 8 ni.” Ó dé sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ní òru ọjọ́ kẹrin, ó kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní nǹkan bí agogo méjì, ó ní aṣọ ibùsùn òun ti rin gbingbin. Arábìnrin wa dìde, ó bá a pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì jókòó sí pálọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.