Béèrè bóyá ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò owó iṣẹ́ rẹ

Òkè-Àró, Àkúrẹ́.
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Fúnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù Jos? Mo rí ìyá rẹ ní Ọjà Ọba lánàá, ara wọn le, wọ́n ní kí n kí ọ. O ní ṣọ́ọ̀bù kan fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ aṣọ rírán, pé iye tí o bá rán ni wọn yóò fi sanwó, ṣùgbọ́n owó ojúmọ́ kan wà tí tìẹ kò ní lọ sílẹ̀ jù ú lọ. Jọ̀wọ́, má tíì dá wọn lóhùn.

Irú àdéhùn yẹn ni èmi àti ọ̀gá mi ń bá bọ̀. Yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé là ń rán lásìkò yìí. Ṣẹ́ẹ̀tì kan, ₦450. Owó ojúmọ́ wa, ₦3,000. Bí iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ́jọ́ kan kò bá tó ₦3,000, ọ̀gá á fi kún un kó lè pé. Bó bá jù ú lọ, ohun tí mo rán ni mo ń gbà. Wọn kì í tún gbé ₦3,000 lé e lórí. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà kò tíì tó, ₦2,700 ni. Ìgbà tó bá di méje ni mo tó kọjá owó ojúmọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rán mẹ́wàá ní ọjọ́ Ajé, ₦4,500. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí iná, epo jẹnẹrétọ̀ sì tán lọ́sàn-án. Mẹ́rin péré ni mo rí rán, ₦1,800. Ọjọ́rú, mẹ́sàn-án, ₦4,050. Ọjọ́bọ̀, bọ́tìnnì ò tètè dé. Mo jókòó ti máṣínì, kọ́là wà lórí itan mi, mo ń wo ojú ọ̀nà. Márùn-ún ni mo parí, ₦2,250. Ọjọ́ Ẹtì, mọ́kànlá, ₦4,950. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, máṣínì mi ń já òwú ṣáá, mẹ́ta ni mo rán, ₦1,350.

Nígbà tí ọ̀gá sanwó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ₦18,900 ló kà sí mi lọ́wọ́. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì méjìlélógójì ni mo rán, pé owó ojúmọ́ ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ ₦18,000, mo sì ti kọjá rẹ̀. Àyà mi já. Bó ṣe ṣe é yẹn, owó tí mo fi agbára pa lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì ló fi dí ihò ọjọ́ tí kò síná. Bí a bá mú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta yóò di ₦3,000 ẹyọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ ₦22,500. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,600, ó ju owó ọjọ́ kan lọ.

Mo ṣí ìwé mi, a jọ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbà pé owó ojúmọ́ là ń pè é, kì í ṣe owó ọ̀sẹ̀, ó sì san ìyókù. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, òótọ́ sì ni: ẹlòmíì lè fi ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ọjọ́ Ìṣẹ́gun pamọ́, kó kó o jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Á gba ₦3,000 fún Ìṣẹ́gun, á tún gba ₦1,800 lé ti Ẹtì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kà á báyìí ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí àwa méjèèjì sì ń fọwọ́ sí i.

Bi wọ́n léèrè nípa aṣọ tí wọ́n bá dá padà pẹ̀lú. Ká ní méjì padà wá nínú ti ọjọ́ Ajé, tí wọ́n yọ ₦900, tí mo wá tún wọn ṣe ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n kà á sí Ọjọ́bọ̀. Márùn-ún á di méje, ₦3,150; ₦150 péré ló padà sọ́wọ́ mi nínú ₦900. Àwa ti fẹnu kò pé aṣọ tí a bá tún ṣe, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rán an la ó kà á sí.

Jẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, Fúnkẹ́. Òfin owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000 tí ìjọba kéde ní 2024, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń gba owó lórí iye iṣẹ́, kò sì dé ibi tí òṣìṣẹ́ kò pé márùndínlọ́gbọ̀n. Àdéhùn tí ẹ bá ṣe nìkan lo máa rí dì mú.

Kọ iye ṣẹ́ẹ̀tì kan àti owó ojúmọ́ tiwọn ránṣẹ́ sí mi, kí o fi iye tí o lè rán lọ́jọ́ kan kún un. Màá bá ọ ṣírò rẹ̀ kí o tó lọ rí wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bọ́sẹ̀