Bọ́sẹ̀, dìde lórí bẹ́ẹ̀dì

Adó-Èkìtì,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ìyá rẹ wá bá mi lónìí láti Ìkéré. Ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí méjì ni wọ́n gbé wá, wọ́n ní kí n bá wọn wá ẹni tó ń lọ sí Mánṣẹ́sítà. Ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́, wọ́n ní ṣúgà ìlú òyìnbó ló fà á. Mo gba ìgò náà, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí àgbo yìí kò ní ṣáájú aláìsàn dé ọ̀dọ̀ mi. Ihò ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ lẹ́nu. Kì í ṣe òun ló ń mú ẹ̀yìn le.

Bí o ṣe sọ ọ́ lórí fóònù lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ṣẹlẹ̀. O ń gbé bàbá aláìsàn kan níbi iṣẹ́ rẹ láti orí bẹ́ẹ̀dì sí orí àga, ẹ̀yìn rẹ mú gan-an, o kò lè nàró. Láti ìgbà náà lo ti dùbúlẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún! O fẹ́ kí wọ́n ya ẹ́ksíréè fún ọ, wọn kò dá ọ lóhùn, inú sì ń bí ọ. Wọn kò ṣàìdáa sí ọ o. Egungun ni ẹ́ksíréè ń fi hàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe egungun ló ń dùn ọ́. Kódà ẹ̀rọ ńlá tó ń yàwòrán inú ara, bí wọ́n bá fi wo èèyàn ogójì ọdún bíi tiwa tí nǹkan kan kò ṣe, ó lè fi hàn pé tìmùtìmù tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti wú díẹ̀ tàbí ti gbẹ. Bíi ewú ni. Àwòrán kì í sọ ẹni tí ara ń ro.

Ohun tó ṣe ọ́ ni pé ẹran ẹ̀yìn àti oríkèé ibẹ̀ fà ju bó ṣe yẹ lọ, ara sì fún ibẹ̀ pọ̀ kó má baà tún fà. Fífún yẹn ló ń dùn ọ́ jù. Ó lè dùn ọ́ bíi pé nǹkan ti kán nínú rẹ, síbẹ̀ kí nǹkan kan má bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà, yálà èèyàn mu àgbo tàbí kò mu ún. Ìyẹn ló jẹ́ kí àgbo gbayì.

O rẹ́rìn-ín lánàá nígbà tí mo bi ọ́ bóyá o tọ̀ láàárọ̀ àti bóyá o mọ̀ ọ́n lára nígbà tó ń bọ̀. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìyá kan wà tó ń ta iṣu lọ́jà níbí. Ẹ̀yìn ti ń dùn ún, ìrora náà gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún títí dé ọmọ ìka. Ìyẹn nìkan kò tíì burú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ náà ń lọ fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá, ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ pẹ̀lú. Ó lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń fi omi ṣan ìdí, kò mọ̀ pé omi kàn án. Gbogbo ibi tí ara fi ń kan ìjókòó ọ̀kadà ti kú tipiri. Láti ọ̀sán títí di alẹ́ kò rí ìtọ̀ tọ̀, ikùn rẹ̀ wú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní àgbo ló dí i, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀tunla.

Tìmùtìmù yẹn ló ya jáde, tó tẹ ìdì iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀, àpò ìtọ̀ àti ihò ìdí. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló ń tú u sílẹ̀, wákàtí la sì ń kà níbẹ̀, a kì í ka ọjọ́. Ìyá náà ń rìn báyìí. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni wọ́n ṣì fi ń fa ìtọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ojú ara rẹ bá kú, tí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń jò láìmọ̀, tí ìgbẹ́ bá ń bọ́ fúnra rẹ̀, tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ tàbí tí àtẹ́lẹsẹ̀ kò gbé sókè mọ́, má pe èmi. Pe 999, kódà bó jẹ́ aago méjì òru.

Àwọn àmì mìíràn wà tí kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Ti bàbá rẹ ló wà lọ́kàn mi. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn láìgbé nǹkan kan, tí kò rọlẹ̀ bó ti wù kó dùbúlẹ̀, tó ń jí i lóru, tó sì ń rù, a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún jẹjẹrẹ, pàápàá ọkùnrin tí ìtọ̀ rẹ̀ ti ń ṣe ségesège. Bí ibà àti òógùn òru bá tẹ̀lé e, a ó ronú kan ikọ́ ife, torí ó máa ń wọ egungun ẹ̀yìn, ẹni náà sì lè má wúkọ́ rárá. Arúgbó tó ṣubú náà, a ó ya ẹ́ksíréè fún un. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí nínú ohun tí o sọ fún mi.

Ó yá, dìde. Bẹ́ẹ̀dì ló ń mú ẹ̀yìn rẹ le sí i báyìí. Lọ́la, rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ilé, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí márùn-ún lójúmọ́. Má jókòó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láìdìde. Lóru, fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí o ki ìrọ̀rí sáàárín orúnkún méjèèjì. Aṣọ ìnura tí a rẹ sómi gbígbóná dára, má jẹ́ kó bó ọ. Ọgbẹ́ inú tó ti ń bá ọ jà láti ilé ìwé kò gbọ́dọ̀ pàdé ibuprófẹ́ẹ̀nì, nítorí náà béèrè lọ́wọ́ apòògùn kí o tó ra ohunkóhun.

Yóò dùn ọ́ bí o ti ń rìn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni kí o fi wọ̀n ọ́n. Bí ìrora bá ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, fi ìṣẹ́jú méjì kún un. Bó bá lé sí i, dín ìrìn náà kù sí ìdajì, má dáwọ́ dúró. Bí o bá ti lè rìn ogún ìṣẹ́jú, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan. Gálọ́ọ̀nù omi lítà márùn-ún ni kó ṣíwájú, jẹ́ kó súnmọ́ àyà rẹ, gbé e sórí tábìlì nígbà mẹ́wàá. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá lọ láìsí wàhálà, gbé lítà mẹ́wàá. Má bẹ̀rù bíbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn la fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí tèmi mú mi lọ́dún tó kọjá, iyán ni mo fi dán an wò: iṣu ẹni kan ṣoṣo nínú odó kékeré. Ọkọ mi ní ebi ló fẹ́ fi pa òun.

Má dúró kí ìrora tán pátápátá kí o tó padà síbi iṣẹ́. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé iṣẹ́ tí kò ní gbígbé èèyàn ni o fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn ni kí o lò, tàbí kí ẹ jẹ́ méjì. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, kí dókítà tún ọ yẹ̀ wò.

Àgbo ìyá rẹ wà lábẹ́ tábìlì mi níbí. Mo ti sọ fún wọn pé n kò tíì rí ẹni tó ń lọ. Pè mí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kí o sọ iye ìṣẹ́jú tí o ti rìn dé, kí n lè mọ irọ́ tí màá pa fún wọn tẹ̀lé e.

Èmi ni,
Fúnmi.