Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, lórí Màmá tó bá a sọ̀rọ̀ lójú àlá

Àdùkẹ́ mi,

O ní Màmá bá ọ sọ̀rọ̀ lójú àlá, o sì dá wọn lóhùn. Ẹni tó ń ríran ládùúgbò yín wá sọ fún ọ pé bí òkú bá pe èèyàn, tí èèyàn sì jẹ́ ẹ, ó ti gbà láti tẹ̀ lé e nìyẹn. Ó ti dárúkọ owó ètùtù pẹ̀lú. Má tíì san kọ́bọ̀. Ka lẹ́tà yìí tán ná.

Jẹ́ kí n tún àlá náà sọ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, kí n má baà fi tèmi kún un. Màmá jókòó sí ìsọ̀ wọn lọ́jà Bódìjà, wọ́n ń bu èlùbọ́ sínú kọ́ńgò. Ara wọn le, ojú wọn mọ́, bí wọ́n ṣe rí nígbà tí ìwọ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń bù ú. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, jókòó, má sáré." Ìwọ náà ní, "Ẹ̀ẹ́n, Màmá." Wọn ò sunkún, wọn ò pariwo, wọn ò sì ní kí o máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Agogo fóònù ló jí ọ, omi sì ti kún ojú rẹ.

Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni ọkàn mi kò kúrò lórí rẹ̀. Ìwọ lo tọ́jú wọn, o mọ̀ ju èmi lọ pé ọwọ́ ọ̀tún wọn kò gbé ohunkóhun mọ́ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dà wọ́n dùbúlẹ̀. Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nígbà náà: apá òsì ọpọlọ ni ẹ̀jẹ̀ ò ti ráyè kọjá, apá òsì yẹn ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé lórí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àti ohùn fi jọ lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣé o rántí bó ṣe ń yà wá lẹ́nu pé bí o bá bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, wọ́n á bá ọ kà á dé ìparí láìṣìnà, síbẹ̀ wọn ò lè sọ pé omi ni àwọn fẹ́? Dókítà ní ohun tí ẹnu ti há sórí láti kékeré máa ń ṣẹ́ kù nígbà míì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí èèyàn fẹ́ fúnra rẹ̀ hun ni kì í jáde. Wọ́n á di ọ́ lọ́wọ́ mú, wọ́n á máa wò ọ́, ẹnu á máa lọ sókè sódò. Oríkì tí àwọn fúnra wọn fún ọ, wọn ò rí i pè títí wọ́n fi lọ.

Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè lójú àlá.

Ohun tí àìsàn gbà lọ́wọ́ rẹ gan-an ni àlá dá padà, ọwọ́ tó ń bu èlùbọ́ àti ẹnu tó ń pe Àdùkẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òkú wá mú ọ lọ, kó sọ fún mi ìdí tó fi jẹ́ pé ohun tí o ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá nìkan ni òkú náà gbé wá.

"Má sáré" náà, mo mọ ibi tó ti wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, o sáré lọ wẹ̀ nílé l'Ókè-Àdó, nígbà tí o sì ń padà bọ̀, Máíkírà tí o wọ̀ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mọ́kọ́lá. O bọ́ sílẹ̀, o fi ẹsẹ̀ sá a. Kí o tó dé, ó ti parí. Láti ìgbà náà lo ti ń sáré. Bí o bá ń sọ̀rọ̀, o ń sáré. O ò jókòó jẹun. Ohun tí Màmá máa ń sọ fún oníbàárà tó bá ń kánjú lórí òṣùwọ̀n náà kọ́ nìyẹn? Jókòó, má sáré. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lórí rẹ tẹ́lẹ̀ ni ọkàn rẹ mú, ó sì gbé e fún ẹni tí o fẹ́ kó sọ ọ́.

Nípa àsìkò rẹ̀, oorun máa ń yí ni lóru, yíyí kọ̀ọ̀kan sì máa ń tó nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú. Ìgbà tí àlá tó hàn kedere máa ń wá nínú rẹ̀ a máa gùn sí i bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ bọ̀. Inú ààwẹ̀ lo wà, agogo sàárì sì ká ọ mọ́ àárín àlá gan-an. Ká ní o sùn kọjá rẹ̀ ni, bóyá o ò ní rántí nǹkan kan. Apá ọpọlọ tó yẹ kó bi ọ́ pé "Ṣebí wọ́n ti kú?" náà máa ń rọlẹ̀ lásìkò yẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù kankan kò fi bà ọ́ níbẹ̀. Ojú rẹ là tán kí ẹ̀rù tó dé, ẹnu ẹlòmíràn ló sì gbà wọlé.

Lẹ́yìn fídáù, ńṣe lo máa ń rí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí ohùn ò jáde. Bó ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn: àìsàn ni àlá àkọ́kọ́ máa ń gbé wá, tó bá yá, olóògbé á wá pẹ̀lú ìlera, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì mọ níwọ̀nba. Kì í ṣe gbogbo èèyàn o. Èmi àkọ́bí kò tíì rí wọn lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń jowú rẹ.

Àwọn ààfáà kọ́ wa pé mẹ́ta ni àlá: èyí tó jẹ́ ìròyìn ayọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, èyí tí èṣù fi ń bani nínú jẹ́, àti ohun tí èèyàn ń bá ọkàn ara rẹ̀ sọ. Ẹ̀kẹta ni mo fi tìrẹ sí. Bí o bá ní ìkíní ni, mi ò ní bá ọ jiyàn. Ìkejì nìkan ni mi ò gbà. Àwọn àgbà tó wà níbi ìsìnkú náà ló ṣáà ń sọ pé ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Wọ́n dágbére fún Màmá, wọ́n sì fi ojú àlá ṣe ibi ìpàdé. Ta ló wá ń gba owó lórí ìpàdé yẹn?

Kì í ṣe àlá ló ń kọ mí lóminú, bí kò ṣe ojúmọ́ rẹ. Oṣù kẹjọ rè é, o ò tíì ṣí ìsọ̀, ẹ̀wù rẹ ti tóbi jù ọ́ lọ. Àwọn dókítà ní bí ọ̀fọ̀ bá kọjá oṣù mẹ́fà tó ṣì ń dí èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ àti oúnjẹ lójoojúmọ́, ó tó ohun tí à ń tọ́jú. Tó bá sì ń ṣe ọ́ bíi kí o bá Màmá lọ, pè mí lọ́gán, ì báà jẹ́ òru. Wọ́n ń rí sí irú rẹ̀ ní UCH, kò sì túmọ̀ sí pé orí rẹ dàrú. Ọjọ́ Ajé ni kí a lọ. Owó káàdì wà lọ́wọ́ mi, mo ti gba àyè níbi iṣẹ́. Sọ fún ìyá tó ni ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín pé kó bá wa wo àpò èlùbọ́ wọ̀nyẹn, kí kòkòrò má tíì wọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ni.