Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún àgọ́ kòkó

Àkúrẹ́

Bọ́sẹ̀ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Sókótó? Ilé ń kí ọ. O ní kí n fi ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ níwájú àwọn adájọ́ ìdíje òwò akẹ́kọ̀ọ́, nípa àgọ́ tí wọ́n ń sá kòkó sí, ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n fún wa, bí aago bá ti dún, wọ́n á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹni.

Ìkíni kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá ní kí n kí àgbà bó ṣe yẹ, ìdajì ìṣẹ́jú ti lọ. Bó ṣe lọ nìyí:

"Ẹ kú ìjókòó o. Nígbà tí àgbẹ̀ Ìdànrè bá kó kòkó tó ti bò mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà síta, omi inú rẹ̀ ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Kó tó lè tà á dáadáa, omi yẹn gbọ́dọ̀ dín kù sí nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Bí òjò bá rọ̀ léraléra, kòkó á bu. Bó bá fi iná igi gbẹ ẹ́, èéfín á wọ̀ ọ́. Àgọ́ náílọ́ọ̀nù tí oòrùn ń wọ̀, tí òjò ò lè wọ̀, ni mo ń yá àwọn àgbẹ̀."

Màá dúró díẹ̀ lórí ihò òkè àgọ́ náà. Bí ihò yẹn bá dí, ooru omi á lẹ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù, á sì tún kán padà sórí kòkó. Adájọ́ tó ti dé oko rí á béèrè rẹ̀, ó sàn kí n ti sọ ọ́.

Owó ló kàn. Àgọ́ kan ná mi ní ₦120,000. Àpò méjì ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù, ìyẹn àpò mẹ́jọ. ₦5,000 ni àgbẹ̀ ń san lórí àpò kan, ₦40,000 nìyẹn. Mo yọ ₦10,000 fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ó ku ₦30,000 lóṣù. Láti Oṣù Kẹwàá dé Oṣù Kìn-ín-ní, ìgbà ìkórè ńlá, àgọ́ náà á ti dá owó ara rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n màá sọ fún wọn pé náílọ́ọ̀nù kì í pẹ́ tí oòrùn fi ń bà á jẹ́, a ó máa pààrọ̀ rẹ̀.

Kí aago tó dún ni màá béèrè owó: ₦600,000, fún àgọ́ márùn-ún. Mi ò fi í sí gbólóhùn ìparí, torí ohun tí aago bá gé mọ́ni lẹ́nu, àwọn adájọ́ ò gbọ́ ọ.

Jọ̀ọ́, kà á sókè, kí o fi fóònù ka àkókò. Ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀ ni mo fẹ́ kó jẹ́, torí mo máa ń dúró mí èémí níwájú èèyàn. Ibi owó ni kí o fetí sí jù: bí o bá ní láti ka nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé ọ, sọ fún mi, màá yọ ọ́.

Èmi ni tìrẹ,
Ṣadé