Ọjọ́ tó yẹ kí ìwé rẹ wà lọ́wọ́ alábòójútó

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí tábìlì àkókò tí o fi ránṣẹ́ fún kíkọ àpilẹ̀kọ rẹ. Orí 5, ọ̀sẹ̀ 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kan tó ṣẹ́kù fún títẹ̀ àti dídì, àpapọ̀ rẹ̀ 26. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wá ibi tí alábòójútó rẹ wà nínú rẹ̀, n kò rí i. Ìyẹn ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Gbogbo ọjọ́ tó wà níbẹ̀, ọjọ́ tìrẹ ni. Kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìwé máa fi wà lọ́wọ́ ẹni tó máa kà á.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lèmi náà ṣe nígbà tí mò ń kọ àpilẹ̀kọ tèmi. Mo parí orí kẹrin lọ́jọ́ tí mo dá fún un, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì alábòójútó mi, mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n ti lọ sí àpérò, wọ́n sì fi ìsinmi wọn tẹ̀lé e. Ọ̀sẹ̀ 5 ni wọn ò fi sí nílé. Wọn ò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni n kò béèrè. Mo káwọ́ gbera títí wọ́n fi dé, n kò kọ ìlà kan. Gbèdéke kọjá, mo tún forúkọ sílẹ̀ fún sáà mìíràn, mo sì tún san owó ilé-ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ tó yẹ kó ti parí.

Ẹ̀yìn ni kí o ti máa kà á bọ̀, ọmọ mi. Òpin ọ̀sẹ̀ 26 lo máa fi ìwé sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀, fi í sílẹ̀ fún títẹ̀, àyè etí ìwé, nọ́ńbà ojú ewé àti fọ́ọ̀mù tó ń fẹ́ ìbuwọ́lù. Ọ̀sẹ̀ 24 àti 25 lo máa fi ṣe àtúnṣe ìkẹyìn. Ọ̀sẹ̀ 21 sí 23 jẹ́ ti alábòójútó rẹ, kí wọ́n fi ka odindi ìwé. Má ṣe rò pé wọ́n ti ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ka orí kan lónìí, òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, kò lè rí i pé ìbéèrè tí o gbé kalẹ̀ ní orí kìíní kọ́ lo dáhùn ní orí karùn-ún. Ìgbà tó bá kà á pa pọ̀ ló máa rí i. Nítorí náà, òpin ọ̀sẹ̀ 20 ni gbèdéke rẹ gan-an. Ọjọ́ yẹn ni kí gbogbo orí ti wà pa pọ̀.

Wàyí o, orí kan ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 láti kọ, ọ̀sẹ̀ 2 láti kà, ọ̀sẹ̀ 1 láti tún ṣe. Ọ̀sẹ̀ 6 nìyẹn. Bí o bá ń parí ọ̀kan pátápátá kí o tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, orí 5 á gba ọ̀sẹ̀ 30, ọ̀sẹ̀ 20 péré lo sì ní. Ohun tó máa gbà ọ́ ni pé ọ̀sẹ̀ 2 tí wọ́n fi ń kà kì í ṣe ìgbà ìjókòó fún ọ. Ìgbà yẹn ni orí mìíràn máa bẹ̀rẹ̀.

Orí kẹta ni kí o kọ́kọ́ kọ, nítorí bí o ṣe ṣe ìwádìí náà ṣì wà lórí rẹ, kò sì dúró de ìwé kankan tí o máa kà. Kọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 3, fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bẹ̀rẹ̀ orí kejì. Bí orí kẹta bá padà ní òpin ọ̀sẹ̀ 5, gbé orí kejì tì fún ọ̀sẹ̀ kan, tún èyí tó padà dé ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn ṣì gbóná, kí o tó wá parí orí kejì ní ọ̀sẹ̀ 7. Bó ṣe máa rí nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin: orí kejì á lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ 7, orí kẹrin ní 11, orí karùn-ún ní 15. Orí kìíní ló gbẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ 2 á tó o, torí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà nínú àbá ìwádìí tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọ. Ó máa lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ 17. Ọ̀sẹ̀ 18 ni ti àtúnṣe orí karùn-ún, ọ̀sẹ̀ 20 ni ti orí kìíní. Ọ̀sẹ̀ 19 nìkan ló ṣófo. Fi í to ìwé ìtọ́kasí, ṣùgbọ́n má ṣèlérí rẹ̀ fún nǹkan mìíràn, nítorí òun nìkan lo máa rí lò bí àìsàn bá dé.

Kí o tó kọ ohunkóhun, bi alábòójútó rẹ léèrè ọ̀sẹ̀ tí wọn ò ní sí nílé, àti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ń máàkì ìwé ìdánwò. Ká ní wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 12 àti 13 làwọn ò ní sí. Orí kẹrin tí o fi ránṣẹ́ ní 11 kò ní padà kí 15 tó parí. Má ṣe kọ orí karùn-ún parí ní gbogbo àkókò yẹn, torí orí kẹrin, tó jẹ́ ti àbájáde, ló gbé orí karùn-ún, tó jẹ́ ti ìjíròrò, dúró. Bí wọ́n bá ní kí o tún àwọn tábìlì àbájáde rẹ tò, ìjíròrò náà á wó. Orí kìíní ni kí o fà wá síwájú. Kọ ọ́ ní 12 àti 13, kí wọ́n bá a nílẹ̀ pẹ̀lú orí kẹrin nígbà tí wọ́n bá dé. Bí wọ́n ṣe ń ka méjèèjì, o lè bẹ̀rẹ̀ orí karùn-ún. Tún orí kẹrin ṣe ní 16, parí orí karùn-ún ní 17, tún orí kìíní ṣe ní 18. Orí karùn-ún á padà ní òpin 19, wàá tún un ṣe ní 20. Gbèdéke ò yẹ̀, ọ̀sẹ̀ 19 sì ṣì ṣófo.

Bí o bá ń fi orí kan ránṣẹ́, má fi í ránṣẹ́ lásán. Kọ ìlà díẹ̀ mọ́ ọn: "Ẹ jọ̀wọ́ ma, orí kẹta nìyí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ni bóyá ọ̀nà tí mo gbà yan àwọn tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò bójú mu. Àkọtọ́ ṣì ń bọ̀ wá dára. Mo ti bẹ̀rẹ̀ orí kejì, mo sì ń retí ọ̀rọ̀ yín ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ 5 gẹ́gẹ́ bí a ṣe jọ sọ." Ẹni tí kò mọ ohun tí o ń fẹ́ á máa fi pẹ́ńsù pupa tọ́ àmì ohùn àti kọ́mà, nǹkan tó bàjẹ́ gan-an á sì fara pa mọ́. Bó bá ku ọjọ́ 3 kí ọjọ́ náà pé, fi ìránnilétí kékeré ránṣẹ́. Má dúró dìgbà tó bá ti kọjá.

Orí kejì, níbi tí o ti máa yẹ iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú rẹ wò, ló máa dán ọ wò jù. Ìwé kan á máa tọ́ka ọ sí òmíràn, o ò sì ní mọ ìgbà tí o dúró. Bí o bá ti sún ọjọ́ tí o máa fi í ránṣẹ́ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, mọ̀ pé kì í ṣe kíkọ lò ń kọ mọ́, ìwé lò ń kó jọ. Lọ́jọ́ náà, fi èyí tí o ní ránṣẹ́, kí o sì sọ ibi tó ṣì kù síbẹ̀ fún wọn.

Lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá ti sọ ọjọ́ tí wọn ò ní sí nílé fún ọ, fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ tún tábìlì náà tò.

Ìyá rẹ.