Lẹ́tà sí Àkànní: Èló ni orí kọ̀ọ̀kan, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Ìbàdàn?

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n sọ iye tí orí kọ̀ọ̀kan máa ná yín bí ẹ̀yin márààrún bá wálé lọ́dún Kérésì.

Má kàn ro gbogbo owó pọ̀ kí o wá fi márùn-ún pín in. Oríṣi owó méjì ló wà nínú ìrìn-àjò yìí. Ọ̀kan ń tẹ̀lé orí, bíi tíkẹ́ẹ̀tì. Èkejì ń tẹ̀lé ọkọ̀ àti yàrá, kò sì kàn án bóyá èèyàn mẹ́ta tàbí márùn-ún ló wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ kò ní mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó rẹ̀ bí ẹnì kan bá kún wọn tàbí tí ẹnì kan bá yọwọ́. Owó Kérésì kì í dúró sójú kan, nítorí náà àpẹẹrẹ ni iye tí mo kọ síbí. Fi iye tí o bá rí fúnra rẹ rọ́pò wọn.

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ká ní £850 ni ti àgbàlagbà ní àlọ àtàbọ̀. Owó orí kan wà nínú rẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ bàálù kúrò nílẹ̀ wọn. Láti oṣù Kẹrin 2026, £102 ni fún ẹni tó ń lọ sí Èkó lórí ìjókòó tó rọjú jù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í san án lórí ìjókòó yẹn. Ibi tí òbí ti ń pàdánù rèé: lójú iléeṣẹ́ bàálù, ọmọ ọdún 12 ti di àgbàlagbà, iye àgbàlagbà ni wọ́n máa gbé kalẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ tó jẹ́ ọdún 14. Owó orí yẹn gbọ́dọ̀ yọ kúrò síbẹ̀, kó ku £748. Tẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀ síbẹ̀ dáadáa, kí o sì yẹ ìtúpalẹ̀ owó náà wò kí o tó san án. Bí o bá sì ti san án kí o tó rí i, béèrè kí wọ́n dá a padà.

Ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ká ní £600. Àbígbẹ̀yìn ló lè da ìṣirò rú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì máa ń jókòó lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó àgbàlagbà ni wọ́n sì sábà máa ń gbà, ìyẹn £85. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá wọ bàálù ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí o ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bó bá pé ọdún méjì lọ́jọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní, tí ẹ sì ń padà lọ́jọ́ 6, ó ti di ọmọ tó gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan á gba owó ìjókòó fún àbọ̀ nìkan, àwọn mìíràn á ní kí o ra ìjókòó fún àlọ náà. Bó bá wá di £600, £515 ti lé nítorí ọjọ́ mẹ́rin. Wo iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ 1 kí o tó pinnu. Bí àbọ̀ ọjọ́ yẹn ò bá fi £515 wọ́n ju ti ọjọ́ 6 lọ fún gbogbo yín, òun ni kí ẹ mú.

Bí ẹ bá padà kí ọmọ náà tó pé ọdún méjì, tíkẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ £3,133.

Ó kan ẹrù. Wàá rí tíkẹ́ẹ̀tì kan tó fi £80 dín sí ti ẹlòmíì, ṣùgbọ́n tí kò fàyè gba àpótí kankan. Ká ní wọ́n ń gba £65 lórí àpótí kan ní ọ̀nà kan, £130 ní àlọ àtàbọ̀. Èyí tó lówó lórí gba àpótí méjì tó jẹ́ kílò 23 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ní ìjókòó. Ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ ní ìjókòó máa jèrè £320 lórí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú yẹn. Bí àpótí méjì péré ni ẹ fẹ́ gbé, £260 ni, ẹ ṣì jèrè £60. Tó bá di mẹ́ta, ó ti di £390, ẹ ti wọ gbèsè. Ta ló sì ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún Kérésì tí àpótí rẹ̀ ò ní pé mẹ́ta?

Kílò 23 yẹn, àpótí kọ̀ọ̀kan ló ni tirẹ̀, wọn kì í rò ó pọ̀. Bí ọ̀kan bá wọn 28 tí èkejì wọn 18, wọ́n á gba owó lórí èyí tó jẹ́ 28, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì pọ̀ jẹ́ 46. Àpótí ńlá tó le máa ń wọn kílò mẹ́rin sí márùn-ún kí o tó fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Ra ìwọ̀n ìfàlọ́wọ́, kí o sì fi kílò kan sílẹ̀ nítorí pé ìwọ̀n tìrẹ àti tiwọn lè má bára mu. Bí àpótí bá máa lé, ra àfikún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Ó sábà máa ń wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ ní pápákọ̀.

Nǹkan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò mọ́ ọn ni pé àpótí mẹ́jọ tí ẹ̀yin mẹ́rin máa gbé, méjì méjì, ló máa yan ọkọ̀ fún yín. Sìẹ́nà gba ẹ̀yin márààrún, ṣùgbọ́n kò gba àpótí mẹ́jọ mọ́ yín. Bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá ni kí ẹ háyà láti Ìkẹjà dé Ìbàdàn. Ká ní ₦200,000 ni lọ́nà kan, tí ₦2,000 sì jẹ́ pọ́n-ùn kan: £200 ní àlọ àtàbọ̀. Fi ọkọ̀ ńlá láti ilé yín dé pápákọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kún un, £180, àti ọkọ̀ méjì láti pápákọ̀ Èkó dé òtẹ́ẹ̀lì, £20. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £400. Rélùwéè dé Mọ́níyà dára, ṣùgbọ́n Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tà tàbí Agége lẹ ti máa wọ̀ ọ́, ẹ ó sì tún háyà ọkọ̀ ní ìhín àti lọ́hùn-ún. Pẹ̀lú ẹrù yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Bí bàálù yín bá balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sùn sí Ìkẹjà, ẹ má fi òru gba ọ̀nà márosẹ̀. Yàrá méjì ní ₦90,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ £90. Bèèrè bóyá VAT ìdá 7.5 àti owó orí ìdá 5 tí ìpínlẹ̀ Èkó ń gbà wà nínú iye tí wọ́n pè. Ní Ìbàdàn, ilé oníyàrá mẹ́ta fún òru mẹ́wàá ní ₦100,000 lóru kan jẹ́ £500. Béèrè ẹni tó ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀, torí òun ló máa ń fa ìjà. Wọ́n á tún gba owó ìdúró tí wọ́n máa dá padà. Kì í ṣe ìnáwó, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £4,123. Bí o bá fi márùn-ún pín in, £825 lórí orí kan. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe rí gan-an. Owó ọkọ̀ àti yàrá jẹ́ £990, £198 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà jẹ́ £1,048, ọmọ ọdún 14 jẹ́ £946, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án £798, àbígbẹ̀yìn £283.

Bí ọmọbìnrin rẹ bá ní òun ò bá yín lọ, kì í ṣe £825 ni ẹ máa rí fi pamọ́. £748 tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìkan ni, torí bọ́ọ̀sì àti ilé ò ní dín nítorí ẹnì kan. Bí ìyá ìyàwó rẹ bá sì fẹ́ bá yín wá, tíkẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́ £850, yàrá kẹta ní Ìkẹjà jẹ́ £45, ọkọ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù á sì tóbi sí i nítorí àpótí wọn méjì, ká ní £40 lọ́nà kan. Ó ti di £975. Bọ́ọ̀sì Ìbàdàn àti ilé oníyàrá mẹ́ta kò ní fi kọ́bọ̀ lé.

Má ì tíì sanwó. Kọ́kọ́ fi ọjọ́ ìbí àbígbẹ̀yìn àti iye àpótí ránṣẹ́ sí mi, kí n bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ Kérésì tó sọ bọ́ọ̀sì di wúrà.

Bá mi kí ìyá ọmọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àyìndé