Ibi tí owó yíyá há sí

Sí Olóòtú,

Àwa oníṣòwò Nyanya l'Ábújá ń bínú pé báńkì kò yá wa lówó. Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí owó náà há sí. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tó jẹ́ báńkì àwọn báńkì, ló ń pàṣẹ iye tí àwọn báńkì yóò fi sọ́dọ̀ rẹ̀ láìgba èlé nínú owó tí a bá fi pamọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ó sọ ọ́ di ìdá 50 nínú 100. Nígbà náà, bí mo bá fi ₦100,000 pamọ́, ó pọ̀ jù, báńkì mi yóò rí ₦50,000 yá ẹlòmíràn. Lóṣù yẹn kan náà ló gbé èlé ìpìlẹ̀, tí àwọn báńkì ń wò kí wọ́n tó bu èlé lé owó yíyá, dé ìdá 27.25 nínú 100. Owó tó kù wá gbówó lérí.

Ìgbésẹ̀ yìí lè dín owó tó wà níta kù lóòótọ́, kí ọjà má baà wọ́n. Àmọ́ kò lè mú àgbàdo wá láti oko tí àgbẹ̀ ti sá kúrò.

Oníṣòwò aṣọ, Nyanya